Agolo Sàdíìnì àti Tòmátì Tó Wú, Tó Tẹ̀ Tàbí Tó Dípẹtà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Èyí Tó Yẹ Ká Dànù

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní lójú ọ̀nà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ohun inú agolo ló pọ̀ jù nínú ọjà mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ tòmátì sínú agolo, èmi ni mo sì máa ń yẹ agolo wò kí wọ́n tó kó o sí páálí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan kì í gbé agolo tó tẹ̀ tàbí tó wú wá bá mi: "Àǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí, ṣé ó ṣì ṣeé jẹ?" Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn. Sàdíìnì àti tòmátì ni mo dúró lé lórí, torí agolo méjèèjì ò jọra, ewu inú wọn ò sì dọ́gba.

Kí ló dé tí oúnjẹ inú agolo fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́?

Ohun méjì ló ń ṣe é. Àkọ́kọ́ ni iná. Bí wọ́n bá ti dé agolo sàdíìnì pa tán, wọ́n á kó o sínú ìkòkò irin ńlá tó dé pinpin, wọ́n á sì sè é títí ìgbóná rẹ̀ á fi dé nǹkan bí 121°C. Omi tó ń hó lórí iná wa nílé ò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Tòmátì ò nílò irú iná yẹn, torí pé ó kan, kíkan rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí tó burú jù ráyè dàgbà.

Ohun kejì ni pé agolo náà ò ní ihò kankan. Bó ṣe ń tutù, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sún kì, agolo á sì fa ọmọrí rẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyí tí ọmọrí agolo tòmátì tó dára fi máa ń rì díẹ̀ sínú bí àwo pẹrẹsẹ.

Iná ti ṣe tirẹ̀ tán nílé iṣẹ́. Èkejì ló kù sọ́wọ́ àwa tí à ń gbé e, tí à ń tò ó, tí à ń jù ú sílẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé agolo tó tẹ̀ tàbí tó dípẹtà wá bá mi, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá: ṣé ọ̀nà ti là wọnú rẹ̀? Ọ̀nà yẹn kì í tóbi. Ihò tí orí abẹ́rẹ́ ò lè wọ̀ ti tó, torí pé agolo fúnra rẹ̀ ló máa ń fa omi àti afẹ́fẹ́ wọlé. Lọ́dún 1978, ní ìlú Bìmíńgáàmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni mẹ́rin jẹ ẹja sámọ́ọ̀nù láti inú agolo kan ṣoṣo tó ní ihò bíńtín. Méjì nínú wọn kú.

Níbo lára agolo ni kí n máa wò?

Ẹ wo etí rẹ̀ ṣáájú ikùn rẹ̀. Etí ni mò ń pe ibi tí wọ́n ti ká ọmọrí pọ̀ mọ́ ara agolo, ibi tó ga díẹ̀ tí ọwọ́ yín máa ń kàn bí ẹ bá yí agolo po. Ibẹ̀ ni irin méjì ti wé mọ́ ara wọn, ibẹ̀ náà sì ni nǹkan ti ń jò jù.

Agolo tòmátì roboto tó ga máa ń ní ojú mẹ́ta báyìí: etí òkè, etí ìsàlẹ̀, àti ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀ ní tààrà, níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ti sàdíìnì yàtọ̀. Irin kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ di ara àti ìdí rẹ̀, nítorí náà etí ọmọrí nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n ọmọrí náà ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí, ìyẹn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká, èyí tó máa ń ya bí ẹ bá fa òrùka. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ irin gé ibẹ̀ kù díẹ̀ kó lè rọrùn láti ya. Irin tó fẹ́lẹ́ jù lára gbogbo agolo náà nìyẹn. Bí ìpẹtà bá wọ ìlà yẹn, tàbí tí nǹkan bá gbá a, mi ò kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Agolo mi wú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e sínú ọkọ̀ lóòrùn. Ṣé kì í ṣe ooru ló fà á?

Ooru lè ti ọmọrí síta díẹ̀ lóòótọ́, pàápàá bí wọ́n bá rọ oúnjẹ kún inú agolo ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ooru ni tàbí kòkòrò tó ń mú gáàsì jáde. Agolo tó bá wú, tó sì ṣì wú lẹ́yìn tó ti tutù pátápátá nínú ilé, ẹ dà á nù. Kò sí wíwú tó kéré. Agolo tó dára máa ń rì sínú ni, nítorí náà èyí tí ọmọrí rẹ̀ bá ti yọ bí ikùn ti rin ìrìn tó jìn kó tó débẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè fi ọwọ́ dán an wò?

Ẹ gbé agolo tó tutù sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ọmọrí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí i padà tẹ ìdí rẹ̀ náà. Tòmátì tó dára kì í mira. Bó bá rì lábẹ́ ọwọ́ yín tó sì tún ta padà pẹ̀lú ìró "kọ́", ó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá tẹ òkè tí ìdí wá yọ síta, ó ti bàjẹ́. Bó bá le bí òkúta tí kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́, gáàsì ti kún inú rẹ̀, ẹ má tún fọwọ́ kàn án ju bó ṣe yẹ lọ, torí irú rẹ̀ máa ń bú gbàmù nígbà míì.

Sàdíìnì ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbí. Ọmọrí rẹ̀ fẹ̀, ó fẹ́lẹ́, agolo náà ò sì ga, nítorí náà òmíràn máa ń mì díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú páálí kan náà, màá tẹ gbogbo wọn. Bí gbogbo wọn bá mì bákan náà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ń ta kọ́ tàbí tó yọ ju àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, ọ̀kan yẹn ni màá yọ kúrò. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan láìní èyí tó máa fi wé e, kó wo ọmọrí náà láti ẹ̀gbẹ́ ní ìpele ojú. Bó bá ti ga ju etí rẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

Mo gbọ́ pé wíwú agolo tòmátì ò léwu bíi ti sàdíìnì. Ṣé lóòótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun gan-an ló sì ń ko àwọn èèyàn sí wàhálà. Tòmátì máa ń kan, àsíìdì inú rẹ̀ sì máa ń jẹ irin. Nínú agolo, wọ́n máa ń kun irin náà ní ọ̀dà tó dáàbò bò ó. Bí agolo bá gbá nǹkan tó tẹ̀, ọ̀dà inú yẹn lè sán, tòmátì á wá kan irin gbalasa, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gáàsì háídírójìn á sì máa jáde. Gáàsì yẹn lè mú kí agolo wú láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí agolo tòmátì tó tẹ̀ ò fi ní pẹ́ tó èyí tí kò tẹ̀, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i bá tiẹ̀ ṣì jìnnà.

Ṣùgbọ́n kòkòrò míì wà tí kíkan ò dí lọ́wọ́, àwọn náà sì ń mú gáàsì jáde. Bí àsíìdì bá sì ti jẹ irin lu, èébu á gba ihò yẹn wọlé, èébu sì máa ń jẹ àsíìdì náà fúnra rẹ̀. Bí kíkan bá ti dínkù, ààbò tòmátì ti lọ nìyẹn. Ẹni tó dúró níwájú agolo tó wú nínú ilé ìdáná ò ní ọ̀nà láti mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Nígbà tí mo wà nílé iṣẹ́, a ní irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ gáàsì inú agolo wò, síbẹ̀ a kì í fi èyí tó wú sínú ọjà.

Màá dín in dáadáa nínú òróró fún ìṣẹ́jú 30. Ṣé iná ò ní pa ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo gbọ́ jù, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ń se ọbẹ̀ fún òde àríyá. Mo mọ̀ pé ó dunni láti da owó nù, ṣùgbọ́n rárá ni.

Kòkòrò tí a ń bẹ̀rù jù nínú agolo ni bọ́túlínọ́ọ̀mù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí ló fẹ́ràn, ìyẹn ni pé inú agolo ẹja tó dé pinpin bá a lára mu gan-an. Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ń kú nínú omi tó ń hó. Irúgbìn rẹ̀, èyí tó máa ń sùn dúró de ìgbà tó bá a lára mu, kì í kú nínú omi tó ń hó, ìdí sì nìyí tí ilé iṣẹ́ fi ń lò 121°C. Oró tó ń mú jáde ló ń pa èèyàn, ìgbóná tó ju 85°C lọ fún ìṣẹ́jú 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì máa ń ba oró yẹn jẹ́. Ẹ lè ní, "Ọbẹ̀ mi gbóná ju ìyẹn lọ." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣí i kẹ́ ẹ tó gbé e kaná. Ó ti ta sí yín lọ́wọ́, ó ti kan síbí, ó ti kan pákó tí ẹ fẹ́ gé àlùbọ́sà lé, bóyá ẹ tiẹ̀ ti fi ìka tọ́ ọ wò. Oró yìí ò nílò kó pọ̀.

Oró yẹn nìkan kọ́ ló sì wà. Nínú ẹja tó bàjẹ́, ohun kan wà tó ń jẹ́ hísítámíìnì tí iná kankan ò lè pa, ẹ bá à dín in títí di alẹ́. Sàdíìnì pàápàá, ta ló ń gbé e kaná? Búrẹ́dì la fi ń jẹ ẹ́.

Agolo tẹ̀ tí kò wú. Ìwọ̀n wo ló pọ̀ jù?

Ibi tó ti tẹ̀ ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ. Títẹ̀ tó wà ní àárín ikùn agolo, tó ṣe bọ̀lọ̀jọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka gba orí rẹ̀ ẹ ò ní rí ibi tó mú, kò sábà ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ kàn tètè jẹ ẹ́.

Àwọn tí mo máa ń dànù ni ìwọ̀nyí. Èyí tó tẹ̀ lórí etí òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, kódà bó kéré bí èékánná, torí irin méjì tó wé mọ́ra lè ti là níbẹ̀ láìhàn lójú. Èyí tó tẹ̀ lórí ìlà ẹ̀gbẹ́ agolo tòmátì. Èyí tó jinlẹ̀ débi pé ìka ọwọ́ yín lè sùn sínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ ní ṣóńṣó, bí ìgbà tí wọ́n ká bébà, torí irin tó bá ṣẹ́ lójú kan máa ń sán níbẹ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù tàbí ìdí síbí na títẹ̀ padà síta fún yín. Irin tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó tún tẹ̀ padà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣà á pẹ̀lú páálí kan tó ti bàjẹ́.

Nígbà òjò tó kọjá, mo ra páálí sàdíìnì kan l'Ágbeni, 50 agolo ló wà nínú rẹ̀. Alẹ́ ni mo délé, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé ìsàlẹ̀ páálí ti rin fún omi, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti wó bí ẹni pé wọ́n gbé ohun tó wúwo lé e. Ẹni tó tà á fún mi ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ló ti tutù. Mo jókòó, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo fi aṣọ gbígbẹ nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò ní àbùkù rárá. Mẹ́jọ ní ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ̀fun àlùbọ́sà gbígbẹ lára ìdí wọn. Aṣọ nìkan nù ún kúrò, irin abẹ́ rẹ̀ sì ń dán, ó ń yọ̀. Mẹ́fà tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ní bọ̀lọ̀jọ̀. Ó ku márùn-ún, àwọn márùn-ún yẹn ló sì gbà mí lákòókò.

Méjì nínú wọn tẹ̀ lórí igun. Agolo sàdíìnì ní igun mẹ́rin, igun sì ni etí rẹ̀ ti le jù láti ká pọ̀ dáadáa, nítorí náà ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń jò. Mi ò rí òróró kankan níta àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ mo yọ wọ́n. Ẹ̀kẹta dára lójú, àfi pé nígbà tí mo tẹ ọmọrí rẹ̀, ó ta kọ́, àwọn yòókù nínú páálí náà ò sì ta bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní ìpẹtà nínú ìlà tí òrùka ti ń ya, mo fi èékánná họ ọ́, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀karùn-ún ló jò. Òróró tó jáde lára rẹ̀ ló ti mú bébà páálí dúdú lábẹ́ agolo mẹ́ta tó yí i ká. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ àwọn mẹ́ta yẹn, mo nu wọ́n gbẹ, mo tún wo etí wọn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wà lára àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí kò ní àbùkù.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ sórí igbá. Mẹ́jọ tó dípẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sílé mi, a sì jẹ wọ́n tán láàárín oṣù kan. Mẹ́fà tó tẹ̀, mo dín owó wọn kù, mo sì ń fi ibi tó tẹ̀ han ẹni tó bá fẹ́ rà á kó tó sanwó. Márùn-ún dànù. Ó dùn mí, torí owó agolo márùn-ún ju èrè orí gbogbo páálí náà lọ.

Irú ìpẹtà wo ló ń ba agolo jẹ́?

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bó bá kúrò, tí irin abẹ́ rẹ̀ ṣì dán, kò sí ewu. Bí kò bá kúrò, ẹ fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá rí kòtò wẹ́wẹ́ tó dà bí ibi tí àrùn ilẹ̀gbóná ti kọjá lára, tàbí tó ń ṣí ní ìpele-ìpele, irin ti ń jẹ tán lọ, a ò sì mọ bó ṣe kù tó. Ẹ dà á nù. Ìpẹtà tó wà lórí etí ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, torí omi máa ń dúró sínú kòtò etí náà, ó sì ń jẹ ẹ́ láti abẹ́, níbi tí aṣọ ò lè dé.

Ìpẹtà tó dà bí omijé, tó ṣàn láti ibì kan wá sílẹ̀ lára agolo tòmátì, máa ń dẹ́rù bà mí gan-an. Ó sábà máa ń jẹ́ pé inú ni nǹkan ti ń jáde bọ̀.

Ṣé mo lè ri agolo sínú omi láti mọ̀ bó bá ń jò?

Bí ẹ bá rí èéfọ́ọ́fọ̀ọ́ tó ń jáde, ó ń jò. Bí ẹ ò bá rí i, ìyẹn ò fi hàn pé kò jò, torí ihò tó kéré jù ò ní mú èéfọ́ọ́fọ̀ọ́ jáde. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé agolo tó ṣì ń fa nǹkan mọ́ra lè fa omi àwo yín wọlé. Ojú àti ìka ni kẹ́ ẹ lò.

Nígbà tí mo ṣí i, ó ṣe "fíì". Inú rẹ̀ sì ní àwọ̀ dúdú. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Ìró fíì kékeré tí afẹ́fẹ́ ń wọlé ò burú. Ó túmọ̀ sí pé agolo ṣì ń fa ọmọrí mọ́ra títí ẹ fi ṣí i. Èyí tó burú ni kí ohun inú rẹ̀ tú jáde, kó ta sí yín lára, tàbí kó máa hó bí ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Àwọ̀ dúdú tàbí aláró tó lẹ̀ mọ́ irin inú agolo ẹja sábà máa ń wá láti inú ẹran ẹja náà: ohun kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ súlúfọ̀ ló bá irin pàdé nígbà tí wọ́n ń sè é. Kì í ṣe ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí òróró bá dàrú bí omi ìfọwọ́, bí ẹja bá ti yọ́ di ẹ̀kọ, bó bá ń rùn kíkan, ẹ má tọ́ ọ wò. Ti tòmátì, ẹ wo èébu lójú rẹ̀ àti lábẹ́ ọmọrí. Fífi síbí kó apá tó bu kúrò ò tó, gbogbo agolo náà ni kẹ́ ẹ dànù.

Àìrùn ò sì tó ẹ̀rí. Irú bọ́túlínọ́ọ̀mù kan wà tí kì í yí òórùn oúnjẹ padà rárá. Agolo tó ti fi àmì hàn níta, ẹ má ṣí i láti gbóòórùn rẹ̀.

Sàdíìnì tí mo jẹ ń ta mí lẹ́nu bí ata, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi ata sí i. Agolo rẹ̀ sì dára.

Ẹ dúró, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Hísítámíìnì tí mo sọ lókè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹja bá ti pẹ́ lóòrùn kí wọ́n tó dì í, tàbí bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ojú lè máa gbóná, ara lè máa yún, orí lè máa fọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí tí mímí bá fẹ́ ṣòro fún gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ó dára láti ra agolo gbàǹjo?

Bí ẹ bá lè ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kò burú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti di í sínú ọ̀rá pọ̀ tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ tú u, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo bébà ara agolo náà: bó bá jẹ́ tuntun tí etí irin sì ti gbó, tàbí tí gọ́ọ̀mù tuntun ṣì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ EXP tàbí BB lórí irin náà, bóyá wọ́n họ ọ́ tàbí wọ́n tẹ òmíràn lé e. Ọjọ́ yẹn pàápàá, agolo tí kò ní àbùkù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Kò sọ ohunkóhun nípa èyí tó tẹ̀ létí. Bí ẹ bá rí i pé ẹnìkan ń kun ìpẹtà tàbí tó ń yí ọjọ́ padà, àjọ NAFDAC ló yẹ kó gbọ́.

Báwo ni kí n ṣe dà á nù?

Ẹ má ṣí i, ẹ má sì lu ú. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìṣó lu agolo tó wú kí ọmọdé má bàa jẹ ẹ́, ohun inú rẹ̀ á wá fọ́n sí wọn lójú. Ẹ fi sínú ọ̀rá méjì, ẹ so ó, kẹ́ ẹ fi bírò tó hàn kọ "MÁJÈLÉ, MÁ JẸ Ẹ́" sí i lára. Ẹ má gbé e sórí àkìtàn lásán, torí àwọn tó ń ṣa agolo àti irin ń kọjá níbẹ̀, ewúrẹ́ náà sì ń jẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi lé ọwọ́ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, tàbí kẹ́ ẹ rì í jinlẹ̀.

Bó bá ti tú sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ẹ po bílíìṣì ìdá kan mọ́ omi ìdá mẹ́jọ, ẹ dà á bo ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó nù ún. Kànrìnkàn tí ẹ fi nù ún, ẹ dà á nù pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

A ti jẹ ẹ́ kí a tó rí i pé agolo náà wú. Kí la máa ṣe?

Ẹ má ju agolo náà nù. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọmọdé ò ti lè dé, torí àwọn dókítà máa fẹ́ rí i.

Èébì àti inú rírun lásán lè jẹ́ oríṣiríṣi nǹkan. Àmì tí bọ́túlínọ́ọ̀mù fi ń yàtọ̀ ni pé orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tó sì ń lọ sílẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 36, nígbà míì ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó pẹ́ tó ọjọ́ 8. Ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀ bí ti ẹni tó ń tòògbé. Èèyàn á máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Ẹnu á gbẹ, ahọ́n á wúwo, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrùn àti apá á máa rọ, títí ó fi máa kan mímí. Ara rẹ̀ kì í sábà gbóná, orí rẹ̀ sì máa ń pé, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé ó rẹ̀ ẹ́ lásán ni, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà ṣáájú.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àmì ojú tàbí ọ̀fun yìí, ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ sọ fún wọn pé oúnjẹ inú agolo ló jẹ. Òògùn tó ń dá oró náà dúró wà, ṣùgbọ́n kò lè tún èyí tí oró ti bàjẹ́ ṣe, kò kàn ní jẹ́ kó tẹ̀ síwájú ni. Nítorí náà wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ka.

Ìbéèrè kékeré kan: ṣé mo lè fi tòmátì tó kù sílẹ̀ nínú agolo rẹ̀ nínú fíríìjì?

Rárá. Ẹ dà á sínú abọ́ oníke tàbí ti gíláàsì, kẹ́ ẹ dé e. Bí agolo bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ á bá àsíìdì pàdé, irin á wá máa tètè yọ́ sínú tòmátì. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu, á máa dùn bí owó ẹyọ. Bí iná ìjọba bá lọ fún ọjọ́ méjì tí fíríìjì gbóná, ẹ má dúró de àmì kankan lórí sàdíìnì tó ti ṣí, ẹ dà á nù.